Ègé búrẹ́dì mẹ́ta tó nípọn, bọ́tà àti ṣúgà: kálórì mélòó ni mo ń jẹ láàárọ̀ gan-an?

Akọ̀wé Òkè-Fìà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ mi ni mo gbé wá síwájú yín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jẹ búrẹ́dì àti tíì kí n tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́, níbi tí mo ti ń jókòó ti tábìlì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Búrẹ́dì tí wọn kò gé ni mo máa ń rà, ọ̀bẹ ilé ni mo fi ń gé e, ègé mẹ́ta tó nípọn dáadáa ni mo sì ń jẹ lẹ́yìn tí mo bá ti fi bọ́tà pa ojú kọ̀ọ̀kan wọn. Tíì pupa ni mo ń mu, mo máa ń da mílíìkì olómi díẹ̀ sí i, mo sì ń fi ṣúgà oníhóró mẹ́rin sí i.

Mo rí àtẹ kan lórí fóònù mi tó sọ pé kálórì 80 ni ègé búrẹ́dì kan. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀: búrẹ́dì jẹ́ 240, bọ́tà jẹ́ 35, ṣúgà jẹ́ 64, mílíìkì jẹ́ 40, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 379. Iye yìí kéré lójú mi, síbẹ̀ kílò mẹ́sàn-án ni mo fi wúwo sí i láàárín ọdún mẹ́ta náà, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ mi kò pọ̀. Mo ti ń gbèrò láti yọ ṣúgà kúrò nínú tíì mi pátápátá. Ṣé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wáyé, àbí níbòmíràn?

Ìyá Olùkọ́

Akọ̀wé, ọmọ mi, kì í ṣe ṣúgà. Mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ, mo sì lè sọ fún ọ láìfọ̀rọ̀ gùn pé inú ọ̀rọ̀ náà «ègé» ni àṣìṣe rẹ wà. Ègé kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ègé tí àtẹ orí fóònù rẹ ń sọ ni èyí tí ẹ̀rọ gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá, tí ọ̀kan rẹ̀ sì wọn nǹkan bí gíráàmù 30. Búrẹ́dì funfun tó wọn gíráàmù 100 máa ń ní nǹkan bí kálórì 265, nítorí náà ègé tó wọn gíráàmù 30 yóò ní nǹkan bí 80, òdodo sì ni àtẹ náà sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ìwọ fi ọ̀bẹ gé nílé lè wọn ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí o jẹ àti ohun tí o ṣírò kì í ṣe ohun kan náà.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Ra búrẹ́dì tí o máa ń rà, má sì tíì gé e. Bí o kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, àwọn tó ń ta ẹja tútù ní ọjà Ìgbọ̀nà ní èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, bẹ wọ́n kí wọ́n bá ọ gbé e lé e lórí. Gé gbogbo rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń gé e, ka iye ègé tí ó jẹ́, kí o sì fi iye náà pín ìwọ̀n búrẹ́dì náà. Òṣùwọ̀n ẹja kò lè sọ ìwọ̀n ègé kan ṣoṣo fún ọ dáadáa, nítorí ohun tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n tí ó bá ṣì í ní gíráàmù ogún lórí odindi búrẹ́dì, àṣìṣe náà kò ní tó nǹkan mọ́ nígbà tí o bá pín in.

Ti bọ́tà ni kí o ṣe sùúrù sí. Ojú kò lè wọn bọ́tà. Kálórì 35 tí o kọ sílẹ̀ kò ju ti ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé lórí dọ́gba lọ, mi ò sì rò pé ṣíbí tíì kan lè pa ojú ègé ńlá mẹ́ta. Ra ike tuntun, kí ẹnikẹ́ni mìíràn má fọwọ́ kàn án, wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí o tó ṣí i, kí o sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí o bá jẹun tán ní àárọ̀ Sátidé. Fi mẹ́fà pín ohun tó dín. Fún èyí, òṣùwọ̀n kékeré ni o nílò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, má gbé e lọ bá ẹlẹ́ja.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ẹ máa yan búrẹ́dì yín. Mo ti wọ̀n ọ́n rí: ègé tó wọn gíráàmù 60 dín sí 51 lẹ́yìn tí mo yan án títí ó fi pọ́n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín, kálórì rẹ̀ náà dín nìyẹn. Ẹ sì lè ra búrẹ́dì aláwọ̀ igi, òun kò ní kálórì púpọ̀ bíi ti funfun.

Oníbúrẹ́dì Alékùwódò

Àbúrò, o wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí o fi parí rẹ̀ ni kò tọ́. Omi ni iná gbà lọ. Omi kò sì ní kálórì kankan, nítorí náà ègé tó ní 159 kí o tó yan án yóò ṣì ní 159 nígbà tí ó bá gbẹ sí gíráàmù 51. Ẹni tó bá yan búrẹ́dì kí ó tó wọ̀n ọ́n, tó sì wá fi 265 ṣírò rẹ̀, yóò kàn máa tan ara rẹ̀ jẹ ni. Kí a wọ̀n ọ́n kí a tó yan án ni ó yẹ.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un, nítorí ìdí ààrò ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Nínípọn búrẹ́dì pàápàá máa ń tan ènìyàn. Búrẹ́dì kan wà tí ìwúkàrà gbé sókè gan-an, tó fúyẹ́, tí ihò pọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí a fi ẹ̀rọ lọ ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ títí ó fi ki, irú èyí tí a ń pè ní Agége, tí ènìyàn lè fà bíi rọ́bà. Ẹ lè gé méjèèjì ní ìnípọn kan náà, kí èyí tó ki sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì ìkejì. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ohun tí Ìyá Olùkọ́ sọ, pé ìwọ̀n ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ti aláwọ̀ igi, ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti funfun kò ju kálórì mẹ́wàá sí ogún lọ nínú gíráàmù 100. Èèrí ọkà inú rẹ̀ dára fún ìgbẹ́ yíyà, ìyẹn ni mo lè jẹ́rìí sí, bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọn kò jọ̀ ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́.

Ọmọ Ayétòrò

Mo gbọ́, ẹ ṣé. N kò ronú kan ti omi.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Bàbá àwọn ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ, búrẹ́dì àti tíì ni òun náà fẹ́ràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn ni mo ti yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń jẹ́ kí ó jẹ búrẹ́dì bí ó ṣe wù ú. Ìyá Olùkọ́ wá ń sọ pé kì í ṣe ṣúgà. Ṣé kí n dá ṣúgà rẹ̀ padà ni?

Ìyá Olùkọ́

Ìyá Ìbejì, rárá o, ẹ má dá a padà. Ìbéèrè Akọ̀wé yàtọ̀ sí tiyín. Òun ń béèrè ibi tí kálórì rẹ̀ ti ń wá, ìdáhùn mi sì ni pé hóró ṣúgà mẹ́rin kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì tó ń jẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti mójú tó ohun tí oúnjẹ ń sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà, bóyá kálórì rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: sítáàṣì inú búrẹ́dì funfun máa ń di ṣúgà nínú ara, kì í sì í pẹ́. Ègé tó wọn gíráàmù 80 ní nǹkan bí gíráàmù 40 irú èròjà bẹ́ẹ̀, nígbà tí hóró ṣúgà mẹ́rin kò ju gíráàmù 16 lọ. Nítorí náà, búrẹ́dì tí ẹ fi sílẹ̀ fún un láìní ìwọ̀n náà nílò àbójútó. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà rẹ̀ kí ẹ tó dín oúnjẹ rẹ̀ kù, pàápàá bí ó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, nítorí bí oúnjẹ bá dín tí oògùn kò dín, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun, Mà. Ọjọ́rú ni ó ní láti padà lọ rí wọn, èmi náà yóò bá a lọ. Akọ̀wé, èmi rò pé kí ẹ kàn máa gé búrẹ́dì yín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Dípò mẹ́ta tó nípọn, ẹ jẹ márùn-ún tó fẹ́lẹ́. Ojú á ríi pé ó pọ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Akọ̀wé Òkè-Fìà

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà dé. Mo ti ṣe é bí Ìyá Olùkọ́ ṣe wí. Ẹlẹ́ja kan ní Ìgbọ̀nà bá mi wọn búrẹ́dì náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín mi díẹ̀. Gíráàmù 640 ni. Mo gé e tán bí mo ṣe máa ń gé e, ó jẹ́ ègé mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ègé kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 80. Mo ń jẹ mẹ́ta, gíráàmù 240 nìyẹn, tí kálórì rẹ̀ sì jẹ́ 636. Mo ti kọ 240 sílẹ̀ fún búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Gíráàmù tí mo ń jẹ gan-an ló jẹ́ 240!

Mo yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe kéèkì. Láti ọjọ́ Ajé sí Sátidé, ike bọ́tà mi dín ní gíráàmù 138, tí mo bá fi mẹ́fà pín in ó jẹ́ 23 lójúmọ́. Ibí yìí ni nǹkan ti dàrú mọ́ mi lójú. Nígbà tí mo wo ara ike náà láti mọ kálórì rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí fún gíráàmù 100 ni iye tó lé ní 3000, àyà mi sì já. Ṣé kálórì tó wà nínú bọ́tà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Olùkọ́

Wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé iye náà dáadáa. K àti J ni ìwọ yóò rí níbẹ̀, kílójúùlù nìyẹn, òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kálórì. Kálórì kan jẹ́ kílójúùlù mẹ́rin àti díẹ̀. Iye tó kéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni tìrẹ, kò sì ní ṣàì jẹ́ nǹkan bí 720, bí ó bá jẹ́ májarínì líle tí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Ìyókù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Àwọn kan wà tí ọ̀rá wọn kò tó bẹ́ẹ̀, tí omi wọn pọ̀, tí kálórì wọn sì kéré sí i, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wo ara ike tí a rà, kí a má lo ti aládùúgbò.

Akọ̀wé Òkè-Fìà

Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, 720 ni mo rí níbẹ̀. Bọ́tà gíráàmù 23 wá jẹ́ kálórì 166. Fi 636 ti búrẹ́dì kún un, 64 ti ṣúgà, àti 40 ti mílíìkì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 906. Mo ti rò pé 379 ni mo ń jẹ. Ká ní mo yọ ṣúgà tán, tí mo sì ń mu tíì kíkorò lójoojúmọ́, 842 ni ì bá ṣì jẹ́.

Mo sì ti gbìyànjú ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì fún ọjọ́ mẹ́fà mìíràn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gé gíráàmù 240 kan náà sí ègé márùn-ún. Búrẹ́dì kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn ike bọ́tà ní Sátidé, gíráàmù 37 ni mo ti ń lò lójúmọ́. Kálórì 266 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 1006. Mo gé búrẹ́dì fẹ́lẹ́, kálórì mi sì fi ọgọ́rùn-ún gòkè!

Ìyá Olùkọ́

O ti rí ohun tí n kò tíì sọ. Ojú búrẹ́dì ni bọ́tà ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀. Ègé tó nípọn àti ègé tó fẹ́lẹ́ ní ojú kan náà, bọ́tà tí ọwọ́ rẹ ti mọ́ sì máa ń bo ojú kọ̀ọ̀kan, bóyá búrẹ́dì abẹ́ rẹ̀ wọn 80 tàbí 48. Ojú mẹ́ta gba 23, ojú márùn-ún gba 37. Nítorí náà, gígé fẹ́lẹ́ máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ bí iye ègé kò bá yí padà. Bí ó bá sọ mẹ́ta di márùn-ún, bọ́tà ló ń kún un.

Búrẹ́dì tó ṣì gbóná lẹ́yìn tí a yan án tún ní tirẹ̀. Bọ́tà máa ń yọ́ wọ inú rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á wá dà bíi pé a kò fi nǹkan kan sí i, ọwọ́ á sì tún lọ sínú ike. Jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, ìwọ yóò rí ohun tí o fi sí i.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ má bínú, Akọ̀wé. N kò rò ó dé ibẹ̀ rárá.

Awakọ̀ Ìkìrun

Èmi kò rí ti Mílò nínú gbogbo ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ Mílò ni à ń pè ní tíì nílé wa. Ṣíbí ìjẹun méjì tó kún dẹ́dẹ́, mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí méjì tó kún, àti ṣúgà mẹ́rin.

Ìyá Olùkọ́

Awakọ̀, tíì tirẹ yàtọ̀ nìyẹn. Ewé tíì fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní kálórì rárá, ohun tí a bá dà sí i nìkan ni à ń kà. Ṣùgbọ́n ohun mímu oníkòkó ní nǹkan bí 80 nínú gíráàmù 20, ṣúgà sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ní nǹkan bí 100 nínú gíráàmù 20. Bí ṣíbí rẹ bá kún bí o ṣe sọ, ife rẹ nìkan lè lé ní 240, nígbà tí ife Akọ̀wé jẹ́ 104. Ní tìrẹ, ife náà yẹ ní wíwọ̀n.

Bíríkìlà

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ tèmi. Ẹ ń sọ̀rọ̀ 906 bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tí Akọ̀wé ń jẹ ni èmi náà ń jẹ, ègé mẹ́rin pàápàá, mo sì ń gbé búlọ́ọ̀kù láti aago méje. Bí mo bá jẹ ìdajì rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò ní gbé mi dé aago mọ́kànlá. N kò sanra rí.

Oníbúrẹ́dì Alékùwódò

Òtítọ́ ni o sọ. Iye kan náà lè tọ́ sí ìwọ kí ó sì pọ̀ jù fún ẹni tó jókòó ti tábìlì. Síbẹ̀, èmi kò mọ̀ bóyá oúnjẹ àárọ̀ yìí nìkan ló fa kílò mẹ́sàn-án Akọ̀wé, nítorí kò tíì wọn ti ọ̀sán àti ti alẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣi ègé búrẹ́dì kà lè ṣi òkèlè ẹ̀bà náà kà.

Akọ̀wé Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbá a mú. N kò wọn ẹ̀bà rí láyé mi, mo kàn gbà pé kò pọ̀ ni.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, ègé mẹ́ta náà ni mo ń jẹ, ṣùgbọ́n mo ń gé búrẹ́dì náà sí nǹkan bí ègé mẹ́tàlá dípò mẹ́jọ, kí ọ̀kan lè wọn nǹkan bí gíráàmù 50. Búrẹ́dì wá di 398, bọ́tà kò kúrò lórí 166, tíì àti ohun inú rẹ̀ jẹ́ 104, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 668. Ohun tó dín jẹ́ 238, mo sì ń mu tíì mi pẹ̀lú ṣúgà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣòro kan ló kù: ebi ń pa mí kí aago mọ́kànlá tó lù, lẹ́ẹ̀mejì ni mo sì ti ra púfúpúfú ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Bí mo bá ń ra mẹ́ta mẹ́ta báyìí, n kò rò pé mo ti dín ohunkóhun kù.

Ìyá Olùkọ́

Se ẹyin kan mọ́ ọn. Ẹyin tí a sè, tí a kò dín, ní nǹkan bí kálórì 75, ó sì máa ń jókòó nínú ikùn ju búrẹ́dì lọ. Ìwọ yóò ṣì wà ní 743.

Bíríkìlà

Ẹ̀wà ni kí ó jẹ, Mà. Ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta pẹ̀lú ègé búrẹ́dì kan ṣoṣo, kò ní rántí púfúpúfú.

Ìyá Olùkọ́

Bí ó bá lè fi epo rẹ̀ mọ níwọ̀n, n kò ní jiyàn. Epo orí ẹ̀wà àgànyìn sì nìyẹn, ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ lé ní 100, ẹni tó ń bù ú fún ọ kì í wọ̀n ọ́n.

Akọ̀wé Òkè-Fìà

Mo máa gbìyànjú ẹyin fún ọjọ́ mẹ́fà, kí n tó ṣe ẹ̀wà fún ọjọ́ mẹ́fà mìíràn, n ó sì máa kọ aago tí ebi pa mí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n àbúrò ìyàwó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di ìparí oṣù. Kí n tó dá a padà, mo fẹ́ wọn gàárì tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà ní alẹ́ náà. Ṣé gàárì gbígbẹ ni kí n wọ̀n, àbí ẹ̀bà lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́?

Oníbúrẹ́dì Alékùwódò

Gàárì gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n, omi náà ni ìdí rẹ̀.